"Neither of them": "is" ni àbí "are"? Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tẹ́ ẹ máa kọ

Tẹ́ ẹ bá wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe lẹ́sìn Jáńbù ní Mókọ́lá, tẹ́ ẹ ní káwọn ọmọ yẹn kọ "neither of them" kí wọ́n wá fi ọ̀rọ̀-ìṣe tì í, púpọ̀ nínú wọn á kọ "are" láì ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bi wọ́n pé kí ló fà á, wọ́n á ní "them" kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn tó mọ gírámà díẹ̀ láàárín wọn á tiẹ̀ fi òfin tì í, wọ́n á ní ṣebí ẹ̀yin tíṣà lẹ sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe jù ló ń darí ẹ̀. Òfin yẹn wà lóòótọ́ o, ibòmíràn ló ti ń ṣiṣẹ́ ni.

Òfin méjì ló wà ńlẹ̀. Ìkan wà fún "neither of" àti "either of", ìkejì wà fún "neither… nor" àti "either… or". Torí pé "neither" àti "either" wà nínú méjèèjì, àwọn èèyàn máa ń pò wọ́n pọ̀, wọ́n á mú òfin ti ìkejì lọ lò fún ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tá a máa ṣe níbí ni pé ká yà wọ́n sọ́tọ̀, ká wá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á tí etí ò fi lè gbà wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lédè tiwa, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í pààrọ̀ torí iye èèyàn: ó lọ, wọ́n lọ, a lọ, "lọ" náà ni. Ti Gẹ̀ẹ́sì ń pààrọ̀, ó sì tún lọ́ pọ̀, torí "s" tó ń sọ nǹkan di púpọ̀ lára orúkọ, òun náà ló ń fi hàn lára ọ̀rọ̀-ìṣe pé ẹyọ kan ni. "Boys" jẹ́ púpọ̀, "goes" jẹ́ ti ẹyọ. Ọmọ tó bá ti rí "s" nínú "boys" á fẹ́ fi "s" kún ọ̀rọ̀-ìṣe náà, ni gbólóhùn bá dojú rú. Nítorí náà ojú lẹ máa lò, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí.

Ohun àkọ́kọ́: ẹ wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e

Tẹ́ ẹ bá ti rí "neither" tàbí "either" nínú gbólóhùn, ẹ má tíì ronú kan ọ̀rọ̀-ìṣe rárá. Ẹ kọ́kọ́ wá "of". Tí "of" bá wà lẹ́yìn ẹ̀ gẹ́lẹ́, òfin àkọ́kọ́ lẹ máa lò. Tí kò bá sí "of", ẹ wo iwájú bóyá ẹ máa bá "nor" tàbí "or" pàdé kẹ́ ẹ tó dé ibi ọ̀rọ̀-ìṣe, tẹ́ ẹ bá rí i, òfin kejì ni. Tí kò bá sí ìkankan nínú méjèèjì, bíi "neither boy", ó rọrùn, orúkọ tó tẹ̀ lé e fúnra ẹ̀ á wà ní ẹyọ, ọ̀rọ̀-ìṣe náà á wà ní ẹyọ: "Neither boy is ready." Kò sẹ́ni tó máa ń ṣì í nínú ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Tí "of" bá wà: ẹ fi ọwọ́ bò ó

Ẹ kọ gbólóhùn yìí sórí ìwé: "Neither of the tenants has paid." Ẹ wá fi ìka bo gbogbo ohun tó wà láti "of" títí dé ibi tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ kan ọ̀rọ̀-ìṣe. Ohun tó kù ni "Neither… has paid." Ẹ rí i pé "neither" nìkan ló kù ní ipò olùwà, "tenants" ti lọ. "Neither" túmọ̀ sí pé kì í ṣe ti àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ti ìkejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan la yẹ̀ wò kó tó di pé a sọ pé rárá, ìyẹn ló fi ń gba ọ̀rọ̀-ìṣe ẹyọ. "Tenants" kàn wà níbẹ̀ kó lè sọ fún wa àwọn wo là ń yẹ̀ wò ni. Lẹ́yìn "of" yẹn, dandan ni kí orúkọ jẹ́ púpọ̀, "of them", "of the girls", "of my brothers", ẹ ò lè kọ "neither of the girl" láéláé. Èyí ni pé púpọ̀ tẹ́ ẹ ń rí níbẹ̀ kò sọ nǹkankan fún yín nípa ọ̀rọ̀-ìṣe, ó máa wà níbẹ̀ ṣáá ni.

Bákan náà ni "either of them", "each of them", "every one of them" àti "one of them" ṣe ń ṣe. "One of my sisters live in Mọ́níyà" tí mo máa ń rí lára ìwé àwọn ọmọ, àṣìṣe kan náà ni, "lives" ló yẹ.

Ibi tó ti ń dùn wọ́n jù láti fi mú èèyàn nínú ìdánwò ni ibi tí wọ́n bá ti tẹ gbólóhùn kékeré kan sáàárín. Ẹ wo èyí: "Neither of the tenants who live upstairs has paid." Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò sì bára mu, àmọ́ méjèèjì ló tọ̀nà. "Live" kò ní "s" torí "who" ló ń tọ́ka sí, "who" sì dúró fún "tenants", àwọn tó ń gbé òkè yẹn ju ẹnì kan lọ. "Has" ní tiẹ̀ padà lọ bá "neither" níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí "live" tó sì rò pé òun ti mọ ọ̀nà, á kọ "have" sí ìkejì. Tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ bo láti "of" dé "upstairs", kò sí bó ṣe máa tàn yín jẹ.

Èyí tó tún tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ bíi "his" àti "her". Tí "neither of the girls" bá gba "has", "her" ló máa bá a rìn nínú Gẹ̀ẹ́sì ìdánwò: "Neither of the girls has brought her book." Tí ẹni tá à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bá jẹ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan, "his" ò dáa, "her" ò dáa, ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ "their", mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń sá fún ìjà ẹ kọ "Neither of them has brought a book", ó parí.

Ẹ̀yin kan á bi mí pé ṣebí a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òyìnbó fúnra wọn, "neither of them are coming". Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n sì ń kọ ọ́ nígbà míì, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé tí kò le. Ìdí ẹ̀ ò sì jìnnà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń rí èèyàn méjì lọ́kàn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ṣíwọ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ torí ẹ̀. Àmọ́ Wáẹ́ẹ̀kì, Jáńbù, lẹ́tà ibi iṣẹ́, àti ẹnikẹ́ni tó bá máa fi gègé pupa ka ìwé yín, "is" àti "has" ni wọ́n ń wá. "None of them" nìkan ni mo máa ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀ sí, òun gba "is" ó sì gba "are", àwọn méjèèjì ló dúró. Ẹ rántí pé "neither" wà fún nǹkan méjì péré. Tó bá ti di mẹ́ta sókè, "none of the three" lẹ máa kọ, kì í ṣe "neither of the three".

Tí "or" tàbí "nor" bá wà: ẹ wo ẹni tó sún mọ́ ọn

Níbí, olùwà di méjì, "or" tàbí "nor" ló so wọ́n pọ̀. Tí méjèèjì bá jẹ́ ẹyọ, ọ̀rọ̀-ìṣe ẹyọ: "Either Bọ́lá or Ṣadé is at the gate." Àwọn kan máa ń kọ "are" síbẹ̀ torí wọ́n rí orúkọ méjì, "and" ni wọ́n fi ṣe é. "And" ń ro èèyàn pọ̀, "or" kì í ro èèyàn pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu géètì yẹn. Tí méjèèjì bá jẹ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe púpọ̀, kò le.

Wàhálà wà níbi tí ìkan ti jẹ́ ẹyọ tí ìkejì sì jẹ́ púpọ̀. Lándílọ́ọ̀dù ẹnì kan, àwọn téńáǹtì márùn-ún, ta ni ká bá lọ? Òfin tí gírámà fi yanjú ẹ̀ ni pé ẹni tó bá sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe jù ló ni ín, bí ẹni tó jókòó ti dẹ́rẹ́bà nínú Máíkírà ṣe máa ń bá àwọn tó wà lẹ́yìn gba owó, kò sẹ́ni tó bi í bóyá òun ló dàgbà jù. Ẹ wo méjèèjì:

```
Either the landlord or the tenants are to repair the gate.
Either the tenants or the landlord is to repair the gate.
```

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìtumọ̀ kan náà, àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe yí padà torí a yí ipò wọn padà. Gírámà gba méjèèjì. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ka èyí ìsàlẹ̀ sókè, ẹ máa gbọ́ pé ó le díẹ̀ létí, torí "tenants" ṣì ń dún lọ́kàn yín nígbà tí "is" dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń kọ ọ́, tí kì í ṣe pé wọ́n ti tò ó fún yín nínú ìdánwò, ẹ fi èyí tó jẹ́ púpọ̀ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀-ìṣe á di púpọ̀, òfin á gbà á, etí náà á gbà á, ẹni tí kò mọ òfin kankan á kà á kọjá láì kọsẹ̀.

Kinní kan wà tí àwọn tó mọ òfin yìí dáadáa gan-an ṣì máa ń ṣubú sí. Ẹni tó sún mọ́ ọn la sọ, a ò sọ ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn. Ẹ gbé èyí wò: "Neither the traders nor the owner of the shops is here." "Shops" ló fara kan ọ̀rọ̀-ìṣe, àmọ́ "shops" kọ́ ni olùwà, "owner" ni, ẹnì kan ni. Ẹ padà lo ìka yín, ẹ bo "of the shops", "owner" á yọjú, "is" á tọ̀nà. Ẹ yí i padà: "Neither the owner nor the members of the family are here." Ẹ bo "of the family", "members" ló kù, "are" ni. Ẹ ṣáà máa ṣe é bẹ́ẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti "nor", ẹ wo orúkọ tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, ibẹ̀ lẹ dúró sí.

Lẹ́yìn náà ni "I" àti "you". Òfin ò yí padà, ẹni tó sún mọ́ ọn ni: "Neither my wife nor I am going." Ó tọ̀nà, àmọ́ ẹ̀rù a máa ba èèyàn láti kọ ọ́, ẹni tó bá sì kà á lè rò pé ẹ ṣì í ni. "Is" kọ́ ni ìwòsàn ẹ̀ o. Ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà sí èyí tí kì í yí padà. "Will", "can", "must", "should" kì í gba "s" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀-ìṣe àná bíi "went" àti "paid" náà kì í gbà á, àyàfi "was" àti "were" nìkan ló ń yí padà nínú ti àná. "Neither my wife nor I will go." Ìjà ti parí. Ọgbọ́n yìí kan náà ń gbà yín lọ́wọ́ gbogbo gbólóhùn tó bá le, ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìtumọ̀ ò yẹ̀.

Nínú ìbéèrè, ọ̀rọ̀-ìṣe á kọjá sí iwájú, ẹni tó sún mọ́ ọn á wá di ẹni àkọ́kọ́: "Are the tenants or the landlord paying?" Ti "of" ò yí padà ní tiẹ̀, "Does either of them know?", ẹyọ ṣì ni.

Àwọn tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun

Àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè mọ̀ pé ẹ ti há òfin ẹni tó sún mọ́ ọn sórí, wọ́n á wá gbé "as well as", "together with" tàbí "along with" síwájú yín. Àwọn wọ̀nyí kì í so olùwà méjì pọ̀. Ẹni tó wà níwájú wọn nìkan ni olùwà, èyí tó tẹ̀ lé wọn kàn sìn ín wá ni: "The landlord, together with his tenants, is at the meeting." Ẹ fi ọwọ́ bò ó bí ẹ ṣe bo ti "of". "Not only… but also" ní tiẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ "either… or", ẹni tó sún mọ́ ọn ni.

Ẹ jẹ́ ká tún lẹ́tà kan ṣe

Ká ní àwọn téńáǹtì ilé kan ní Bódìjà kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ iná, ẹni tó kọ ọ́ sì kọ báyìí:

```
Neither of our two transformers are working.
Neither the new meter nor the old cables was checked.
Either the officials or the engineer have to come.
Neither of the men who came last week have sent a report.
The chairman, as well as his members, are ready to meet you.
Neither the chairman nor I is going to pay this bill.
```

Èyí àkọ́kọ́, "of" wà níbẹ̀. Ẹ bo "of our two transformers", ó ku "neither", "is working" ni. Kó sì máa wá "two" síbẹ̀ láti fi gbè é lẹ́sẹ̀ pé púpọ̀ ni, kò lè gbè é, ó wà lẹ́yìn "of".

Ìkejì, "nor" wà níbẹ̀. Orúkọ tó tẹ̀ lé "nor" ni "cables", púpọ̀, nítorí náà "were checked". Ẹni tó kọ ọ́ ń wo "meter" tó jìnnà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mítà yẹn gan-an ló ń bí i nínú.

Ìkẹta, "or" ni, "engineer" ló sún mọ́ ọn, ẹnì kan ni, "has to come" ló yẹ. Àmọ́ torí lẹ́tà la ń kọ tí a sì lómìnira, mo máa yí i ká: "Either the engineer or the officials have to come." Báyìí, "have" tó kọ tẹ́lẹ̀ ti wá tọ̀nà láì pààrọ̀ ẹ̀.

Ìkẹrin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró wò dáadáa. "Of" wà, "who" wà, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì wà. "Came" jẹ́ ti àná, kì í yí padà, kò sí ìṣòro níbẹ̀. "Have sent" ló ní ìṣòro, torí tẹ́ ẹ bá bo láti "of" dé "week", "neither" nìkan ló kù, "has sent" ni. Ká ní ó kọ "the men who come every week" ni, "come" á wà láìní "s", "has" á ṣì wà bó ṣe wà.

Ìkarùn-ún, "as well as". Alága nìkan ni olùwà, "is ready". Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ó jẹ́ gbogbo wọn lóòótọ́, kí alága má baà dà bí ẹni tó ń dá nìkan lọ, ẹ fi "and" rọ́pò ẹ̀: "The chairman and his members are ready." Èmi máa yan èyí, torí lẹ́tà ẹgbẹ́ ni.

Ìkẹfà, òfin ní "am going to pay". Kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi tó bá kọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó máa ka lẹ́tà yìí ní ọ́fíìsì lè fi gírámà yín ṣe ẹlẹ́yà dípò kó ka ẹjọ́ yín. "Neither the chairman nor I will pay this bill." Kúkurú, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́tà yẹn, lẹ́yìn tí a tún un ṣe:

```
Neither of our two transformers is working.
Neither the new meter nor the old cables were checked.
Either the engineer or the officials have to come.
Neither of the men who came last week has sent a report.
The chairman and his members are ready to meet you.
Neither the chairman nor I will pay this bill.
```

Ẹ gbé díẹ̀ dání lọ ṣe fúnra yín, ẹ fi "is" tàbí "are" dí àlàfo:

```
1. Either of these two roads ___ good for a lorry.
2. Neither the conductors nor the driver of the buses ___ to blame.
3. Neither the seller of the books nor his customers ___ happy.
4. ___ either of the nurses who work at night here?
```

Àkọ́kọ́, "is". Ìkejì, "is", torí "driver" ni, ẹ má jẹ́ kí "buses" tàn yín. Ìkẹta, "are", "customers" ló tẹ̀ lé "nor". Ìkẹrin, "Is", ẹ sì fi "work" sílẹ̀ láìní "s".